Bí mo ṣe tú nọ́ńbà inú síláìdì ẹgbẹ́ gààrí palẹ̀ kí n tó kọ àkékúrú rẹ̀

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ń ṣe gààrí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ yá owó ní báńkì, wọ́n ti ṣe síláìdì 16 tí alága wọn máa fi ṣàlàyé, wọ́n wá ní kí n bá àwọn kọ àkékúrú ojú ewé kan ṣoṣo torí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ní báńkì ò ní ráyè jókòó ti síláìdì. Ojú ewé kan náà ló máa kà, òun náà ló sì máa gbé lọ sípàdé wọn. Èèyàn mẹ́ta ló jọ ṣe fáìlì yẹn: akọ̀wé ẹgbẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Akọ̀wé, akápò tó jẹ́ Alájà, àti ọmọ Alájà tó wálé láti Èkó tó bá wọn fa ṣáàtì sínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa á pọ̀.

Ìdí tí mi ò fi kọ àkékúrú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni pé nínú síláìdì, tí nọ́ńbà méjì bá ń jà, àwọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá lójú á rí wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣe àkékúrú, mo ti mú ọ̀kan, mo ti sọ èkejì nù, ẹni tó máa kà á ò sì ní mọ̀ láéláé pé èkejì wà. Tí mo bá sì ti kọ ọ́ tán kí n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo ti kọ ni ojú mi á máa wá, gbogbo èyí tó bá gbè mí lẹ́yìn ni máa rí. Torí náà nọ́ńbà lákọ̀ọ́kọ́, gírámà lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé: kíkó nọ́ńbà jáde

Mo ṣí ṣíìtì kan nínú Excel, mo fún un ní kọ́lọ́ọ̀mù wọ̀nyí: síláìdì wo, apá ibo lórí síláìdì (àkọlé, ọ̀rọ̀, ṣáàtì, tébù, àbí nóòtì ẹni tó ń sọ̀rọ̀), kí là ń kà, iye, kílò ni àbí àpò ni àbí náírà, ìgbà wo, ta ló ni nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà kan, ìlà kan. Kọ́lọ́ọ̀mù "ìgbà wo" ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ló máa parí ìdajì ìjà, ẹ máa rí i níwájú.

Kí n má baà máa fọwọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ, mo kọ kóòdù kékeré kan tó ń ka fáìlì náà:

```python
from pptx import Presentation
import re

p = Presentation("egbe_gaari.pptx")
for i, s in enumerate(p.slides, 1):
    for sh in s.shapes:
        if sh.has_text_frame:
            for n in re.findall(r"\d[\d,.]*%?", sh.text_frame.text):
                print(i, sh.name, n)
        if sh.has_chart:
            for se in sh.chart.plots[0].series:
                print(i, se.name, list(se.values))
```

Kóòdù yìí ò gbọ́n o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó máa kó déètì àti nọ́ńbà fóònù mọ́ ọn, ó máa fo ohun tó bá wà nínú tébù àti nínú nóòtì, ó máa fo àwọn ohun tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan lórí síláìdì, tó bá sì jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀, kò lè ka nǹkan kan nínú ẹ̀. Síláìdì 12 wọn gan-an, fọ́tò ojú fóònù ni, ẹnì kan ya àtẹ̀jíṣẹ́ awakọ̀ ó sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ni mo fi ka ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan tí kóòdù yìí ń ṣe tí ojú ò lè ṣe ni ìlà ṣáàtì yẹn: ó ń sọ iye tó wà nínú ikùn ṣáàtì fúnra ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà mo to ṣíìtì náà nípa kọ́lọ́ọ̀mù "kí là ń kà", kì í ṣe nípa síláìdì. Ìyẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan yọjú, torí iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní síláìdì 2 àti èyí tó wà ní síláìdì 11 wá dúró sórí ara wọn.

Àwọn tó jọ ìjà tí kì í ṣe ìjà

Síláìdì 2 ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 212. Síláìdì 11 ní 221. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ akáǹtì á ti rẹ́rìn-ín, torí tí nọ́ńbà méjì bá fi 9 yàtọ̀ síra, tàbí iye tí 9 lè pín láìṣẹ́kù, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn ni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti pààrọ̀ ipò ẹyọ nọ́ńbà méjì. Béèyàn bá pààrọ̀ ipò ẹyọ nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra nínú iye kan, bí 12 tó di 21, ìyàtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 9 ni, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Nínú ṣíìtì báyìí ni:

```
=MOD(ABS(D2-D3),9)
```

Tó bá mú 0 wá, ẹ fura. Mo fura lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tún un ṣe, mo bi Bọ̀dá Akọ̀wé léèrè. Wọ́n ní, "Rárá o, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, 212 ni wá nígbà tí ọdún 2024 parí, èèyàn 9 sì wọlé ní oṣù kìn-ín-ní." Ẹ wò ó! Àmì lásán ni 9 yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ká ní mo ti fi agídí sọ 221 di 212, mo ti lé èèyàn 9 tó san owó wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí déètì lábẹ́ nọ́ńbà kankan nínú méjèèjì.

Ti àpò náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Síláìdì 5 ní ẹgbẹ́ ṣe àpò gààrí 960 lọ́dún 2024, fọ́tò síláìdì 12 sì ní àpò 1,200 ni wọ́n máa kó. Tẹ́ni tó yá lọ́wọ́ bá rí i, á ní irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àpò ilé iṣẹ́ wọn, kílò 50 ni, àpò tí àwọn oníbàárà wọn l'Ékòó ń béèrè, kílò 40 ni. 960 lọ́nà 50 jẹ́ 48,000 kílò. 1,200 lọ́nà 40 náà, 48,000 kílò. Gààrí kan náà, àpò ló yàtọ̀. Èyí ni mo fi sọ pé ẹ má fi àpò wé àpò, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di kílò tàbí tọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó pariwo, pàápàá níbí tí ẹlòmíì ń sọ kóńgò, ẹlòmíì ń sọ àpò, tí Alájà sì ń sọ "ọkọ̀ kan" bí ẹni pé gbogbo ọkọ̀ ló gba iye kan náà.

Ṣáàtì roboto tó wà ní síláìdì 10 ṣe 101% nígbà tí mo ro ó pọ̀. Mi ò fi ìyẹn yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti sọ gbogbo nọ́ńbà di odindi, 99 tàbí 101 máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní 106 ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 25% tó ní bàbá méjì

Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù. Àkọlé síláìdì 4 sọ pé gààrí tí ẹgbẹ́ ṣe kúrò ní tọ́ọ̀nù 36 lọ́dún 2023, ó di tọ́ọ̀nù 48 lọ́dún 2024, "ìdàgbàsókè 25%". Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò. 48 yọ 36 jẹ́ 12, 12 nínú 36 jẹ́ 33%, kì í ṣe 25%. Torí náà síláìdì kan ṣoṣo ló ń bá ara ẹ̀ jà, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé àwọn ló fi 25% yẹn rẹ ara wọn sílẹ̀ níwájú báńkì.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó fà á. Àṣìṣe kan wà táwọn èèyàn máa ń ṣe gan-an, wọ́n á fi nọ́ńbà tuntun pín dípò ti àtijọ́: 12 nínú 48 jẹ́ 25% géérégé. Ó bá a mu débi pé ẹlòmíì á kàn fi 33% rọ́pò ẹ̀, á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ohun tí kóòdù tẹ̀ jáde fún ṣáàtì síláìdì yẹn:

```
4 Gaari (toonu) [36.0, 45.0]
```

Kí ló dé tó fi jẹ́ 45? Òpó ṣáàtì náà, "48" gàdàgbà ni wọ́n kọ sí i lórí. Mo tẹ òpó náà, mo ṣí dátà rẹ̀ nínú PowerPoint, 45 ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti pa àkọsílẹ̀ tí ṣáàtì ń kọ fúnra ẹ̀, ó wá fi àpótí ọ̀rọ̀ kọ 48 lé e lórí, òpó náà ò sì ga sí i. Ìyàtọ̀ 45 sí 48 lórí òpó kéré débi pé ojú lásán ò lè mú un.

Ẹ wá fi 45 ṣe é. 45 yọ 36 jẹ́ 9, 9 nínú 36, 25% géérégé náà ni! Nítorí náà 25% kan náà ní àlàyé méjì, bóyá ẹnì kan pín in gbòdì, bóyá ó sì tọ̀nà nígbà tí wọ́n kọ ọ́, nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀ ló wá yí padà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, síláìdì 4 nìkan la máa tún ṣe, ó tán. Tó bá jẹ́ ti èkejì, a jẹ́ pé 45 ti wà káàkiri fáìlì náà rí, ibi tó bá kù sí a ò mọ̀.

Mo pe Bọ̀dá Akọ̀wé. Wọ́n ní òótọ́ ni, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni àwọn ti kọ́kọ́ ṣe síláìdì, wọn ò tíì wọn gààrí oṣù yẹn, tọ́ọ̀nù 45 ló wà nílẹ̀, nígbà tí wọ́n wọn ìyókù tó lé 3 ni Alájà ní kí wọ́n yí i sí 48. Wọ́n yí ọ̀rọ̀, wọn ò yí ṣáàtì, wọn ò rántí 25% rárá.

Ó di pé kí n wá ọmọ 45 kiri. Tọ́ọ̀nù 45, tó bá jẹ́ àpò kílò 50, àpò 900 ni. Mi ò rí 900 níbì kankan. Ṣùgbọ́n síláìdì 9 sọ pé owó tó wọlé lọ́dún 2024 jẹ́ ₦37.8 mílíọ̀nù, àti pé ₦42,000 ni wọ́n ń ta àpò kan, tá a bá ro gbogbo ọdún pọ̀. Ẹ pín in: 37,800,000 sí ọ̀nà 42,000, ó jẹ́ 900. Òun nìyẹn! 900 fara pamọ́ sínú owó. Síláìdì 5 ní àpò 960, síláìdì 9 ń fi owó àpò 900 hàn, kò sì sí síláìdì kankan tó kọ 900.

Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti sọ ọ́ di ₦40.32 mílíọ̀nù, ìyẹn 960 lọ́nà 42,000. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìlànà tí mo gbé kalẹ̀ ni pé mi ò ní fọwọ́ ara mi yí nọ́ńbà ẹlòmíì padà. Mo bi Alájà. Alájà ní, "Àpò 60 tó kẹ́yìn yẹn, inú oṣù kìn-ín-ní la tà á, owó ẹ̀ ò sí nínú ti ọdún tó kọjá." Torí náà ₦37.8 mílíọ̀nù tọ̀nà pátápátá. Ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n tà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àìwọn gààrí oṣù Kejìlá ló sọ 25% di nọ́ńbà tó ti kú, gààrí oṣù Kejìlá kan náà ò sì ṣe owó ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fi "àtúnṣe" kan ṣoṣo gbá gbogbo ẹ̀ pọ̀ á ba nọ́ńbà tó dáa jẹ́.

Ọjọ́rú: èyí tí kò sí nọ́ńbà kankan tó jọra níbẹ̀

Títí di ìgbà yìí, ṣíṣe àfiwé nọ́ńbà tó ń ka nǹkan kan náà ni mo ń ṣe. Èyí tó léwu jù kì í yọjú báyẹn. Síláìdì 6 ní ẹgbẹ́ ra ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 240 lọ́dún 2024. Síláìdì 7 ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan ń mú gààrí kílò 250 jáde. Síláìdì 4 ní gààrí jẹ́ tọ́ọ̀nù 48. Nọ́ńbà mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó fara jọ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ so wọ́n pọ̀: 240 lọ́nà 250 jẹ́ 60,000 kílò, tọ́ọ̀nù 60. Gààrí tọ́ọ̀nù 12 dà?

Ẹ̀gẹ́ tútù, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n á tún bó èèpo, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á yan án kó gbẹ. Kílò 200 sí 250 nínú tọ́ọ̀nù kan kì í ṣe ohun tó yani lẹ́nu, torí náà 250 nìkan ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí rí gan-an ni 48,000 sí ọ̀nà 240, kílò 200. Alájà ṣàlàyé pé inú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ti rí 250, kì í ṣe inú ìwé ìwọ̀n wọn. Gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń jẹ́ kó kan dáadáa, wọ́n sì ń yan án kó gbẹ ṣáṣá, ohun tó bá gbẹ sí i á fúyẹ́ sí i, ẹ̀gẹ́ ìgbà òjò sì tún lómi ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò purọ́, kì í kàn ṣe ìwé tiwọn ni.

Kí ló wá kàn mí nínú ẹ̀? Síláìdì 14, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ owó gan-an. Ó ní tí báńkì bá yá wọn lówó, wọ́n á ra ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 400 lọ́dún 2025, á mú gààrí tọ́ọ̀nù 100 wá, àpò 2,000, ní ₦42,000 á jẹ́ ₦84 mílíọ̀nù. 250 ni wọ́n fi ṣe é. Tá a bá fi 200 tí wọ́n rí lóòótọ́ ṣe é, tọ́ọ̀nù 80 ni, àpò 1,600, ₦67.2 mílíọ̀nù. ₦16.8 mílíọ̀nù ló wà láàárín méjèèjì, ₦84 mílíọ̀nù yẹn sì ni alága fẹ́ kí n fi ṣe ìlà àkọ́kọ́ nínú àkékúrú.

Bí mo ṣe ń rí irú èyí ni pé lẹ́yìn tí mo bá ti to ṣíìtì tán, mo máa ń wá nọ́ńbà tó ní "fún ọ̀kọ̀ọ̀kan" nínú: kílò fún tọ́ọ̀nù kan, náírà fún àpò kan, owó fún oṣù kan. Gbogbo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ẹnì kejì àti ẹnì kẹta tó yẹ kó bá mu, mo máa ń sọ wọ́n di púpọ̀ tàbí pín wọn kí n rí bóyá ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n kọ síbòmíì. Ìyókù nọ́ńbà inú síláìdì, n kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ara mi lórí wọn.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́

Mi ò fi àkékúrú ránṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ni mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Akọ̀wé àti Alájà. Mo kọ síláìdì, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó ń bá a jà, àti ìbéèrè kan ṣoṣo fún ìjà kọ̀ọ̀kan. Mi ò bù ú sí méjì, mi ò sọ pé kí n fi 225 pẹ̀tù sí i láàárín 200 àti 250, torí 225 yẹn kò sí ní ìwé ẹnikẹ́ni. Mi ò sì mú èyí tó kéré jù kí ó lè dà bí ẹni tó ń ṣọ́ra. Mo ní tí ìdáhùn ò bá dé kí báńkì tó béèrè, méjèèjì ni máa kọ sínú àkékúrú pẹ̀lú síláìdì tí wọ́n ti wá: "₦84 mílíọ̀nù gẹ́gẹ́ bí síláìdì 14, ₦67.2 mílíọ̀nù tá a bá fi ìwọ̀n ọdún 2024 ṣe é."

Alága bínú díẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ ba tiwọn jẹ́ ni. Mo ní ẹ̀yin àgbà, ọ̀gá báńkì náà ní ẹ̀rọ ìṣirò o, 240 àti 48 wà lójú ẹ̀ ní síláìdì 4 àti 6, tó bá bi yín léèrè lójú gbogbo èèyàn ńkọ́? Alájà ló gbè mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n lo 200.

Ọjọ́ Ẹtì: fáìlì tuntun dé

Mi ò gbà pé wọ́n ti tún un ṣe, mo ṣiṣẹ́ kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan sí i látìbẹ̀rẹ̀, torí àtúnṣe gan-an ló máa ń bí ìjà tuntun, bí 48 ṣe bí 25% yẹn. Ṣáàtì síláìdì 4 ti di `[36.0, 48.0]`, 33% ti wọlé. Déètì ti wà lábẹ́ 212 àti 221. Síláìdì 7 ti di kílò 200, síláìdì 14 ti di tọ́ọ̀nù 80 àti ₦67.2 mílíọ̀nù.

Síláìdì 15 ni wọn ò fọwọ́ kàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa dá owó báńkì padà, wọ́n ní ₦7 mílíọ̀nù á máa wọlé lóṣooṣù. 84 sí ọ̀nà 12 nìyẹn. 67.2 sí ọ̀nà 12 jẹ́ ₦5.6 mílíọ̀nù. Ìlà yẹn ti wọ ṣíìtì, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Alájà torí àwọn ló mọ iye tó máa ṣẹ́ kù lóṣù lẹ́yìn owó ẹ̀gẹ́, igi ìdáná àti àwọn òṣìṣẹ́, bóyá ₦5.6 mílíọ̀nù náà ṣì gbé iye tí wọ́n ṣèlérí láti máa san. Àkékúrú ti wà nílẹ̀ báyìí, gbogbo nọ́ńbà inú ẹ̀ ló ní síláìdì tó ti wá àti ìgbà tó jẹ́, àfi ìlà owó oṣooṣù tí mo fi sílẹ̀ lófìfo títí Alájà á fi dáhùn.